Ohun Tí Wọ́n Ń Fún Ní Máàkì

Láti kékeré ni wọ́n ti mọ̀ mí sí ẹni tí kì í yára sọ̀rọ̀. Nílé wa ní Iléṣà, bí bàbá mi bá bi wá ní ìbéèrè, àwọn ẹ̀gbọ́n mi á ti dáhùn tán kí n tó la ẹnu. Kì í ṣe pé n kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, mo fẹ́ rò ó dáadáa ni. Ìyá mi á ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé tí mo bá sọ tèmi, kò sẹ́ni tó máa ní kí n tún un sọ. Nígbà tí mo di nọ́ọ̀sì, ìwà yìí kò pa mí lára rárá. Ẹni tí ara ń ro fẹ́ràn kí èèyàn rọra bá òun sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lókè òkun, tí wọ́n ní kí n wá ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ẹnu ara mi.

Port Harcourt là ń gbé nígbà náà, èmi àti ọkọ mi, ní Rumuokwurushi. Àwa méjèèjì là ń ṣiṣẹ́ ní Trans-Amadi. Èmi wà ní kíníìkì kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo ti ń gba ìtọ́jú. Ọkọ mi wà ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe páìpù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó yẹ ibi tí àwọn wẹ́dà bá ti jó irin pọ̀ wò, kó sọ bóyá ó dáa tó tàbí kí wọ́n gé e kúrò kí wọ́n tún un jó. Àárọ̀ àárọ̀ la jọ ń wa ọkọ̀ lọ, tí a ó sì jọ jókòó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ títí a ó fi dé.

Nínú ìdánwò yẹn, apá mẹ́rin ló wà: kíkà, kíkọ, gbígbọ́, àti sísọ. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò bà mí lẹ́rù. Sísọ ni. Wọn a mú èèyàn wọ yàrá kan, òun àti olùdánwò kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ kan á wà lórí tábìlì tí ń gba ohùn sílẹ̀. Olùdánwò á kọ́kọ́ bèèrè nípa ilé àti iṣẹ́ rẹ. Lẹ́yìn náà yóò fún ọ ní káàdì kan tí wọ́n kọ àkòrí sí, wàá ronú fún ìṣẹ́jú kan, wàá sì dá sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú méjì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ̀yin méjèèjì á wá jọ jíròrò àwọn ìbéèrè tó jinlẹ̀ díẹ̀ sí i lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Máàkì rẹ̀ kì í kọjá mẹ́sàn-án. Méje ni àwọn tó ń gba nọ́ọ̀sì wọlé ní ibi tí mo fẹ́ lọ ń fẹ́.

Mo wá ń lọ sí lẹ́sìnnì kan ní Rumuomasi, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni fún ìdánwò náà. Tíṣà tó ń kọ́ wa jẹ́ ọmọ ìlú náà, ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́yàyà tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń yọ̀ bí epo. Ó fẹ́ràn wa tọkàntọkàn. Ó ní ká má jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ wọ àárín ọ̀rọ̀ wa. Ó ní ká há àwọn ọ̀rọ̀ ńláńlá sórí, ká sì máa fi wọ́n ya olùdánwò lẹ́nu. Ó ní ká rọra máa fi imú sọ̀rọ̀ bí àwọn òyìnbó, kí wọ́n lè mọ̀ pé a ti ṣe tán láti lọ.

Ó máa ń sọ fún mi pé, "Madam, you dey too slow. Push am!"

Mo sì tì í. Mo kọ ìdáhùn gígùn gígùn, mo há wọn sórí, mo ń sọ wọ́n fún ara mi nílé ìdáná títí ọkọ mi fi bèèrè bóyá àlejò wà nílé.

Nígbà tí mo wá dé iwájú olùdánwò, ìyá àgbàlagbà kan tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, eré ni mo fi sá bọ́ sínú ọ̀rọ̀. Káàdì tó fún mi ní kí n ṣàpèjúwe ìrìn-àjò kan tí n kò gbàgbé. Mo ti há ọ̀rọ̀ kan sórí nípa ìrìn-àjò afẹ́, mo sì dà á sílẹ̀ fún un láìsinmi, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ńlá nínú rẹ̀, tí mo ń fi imú pè wọ́n. Láàárín ọ̀nà ni gbólóhùn kan já mọ́ mi lẹ́nu. N kò rí èyí tó tẹ̀ lé e. Mo padà sẹ́yìn, mo tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún já. Mo sọ "basically", mo tún sọ "basically", mo sọ ọ́ títí ó fi sú èmi fúnra mi. Bí mo ṣe ń sáré yẹn náà, nǹkan bí ìlàjì ohun tí mo sọ ni kò yé èmi fúnra mi.

Nígbà tí èsì dé, àwọn mẹ́ta yòókù dáa ju ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ. Sísọ nìkan ló jẹ́ mẹ́fà.

Inú ọkọ̀ ni mo ti sọ fún ọkọ mi, nígbà tí a ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́.

Ó ní, "Kí ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀?"

Mo ní, "Dádì, wọ́n ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Gẹ̀ẹ́sì mi kò wù wọ́n."

"Rárá o. Mẹ́fà ni wọ́n fún ọ, wọn ò fún ọ ní méje. Ẹni tó bá lè ya mẹ́fà sọ́tọ̀ kúrò lára méje, ibì kan wà tí wọ́n ti kọ bí mẹ́fà ṣe rí àti bí méje ṣe rí. Ṣé ẹ ti kà á ní lẹ́sìnnì yẹn?"

A kò kà á. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ó wà. Ẹ̀rù sì bà mí láti wá a, nítorí mo rò pé ohun tí màá bá níbẹ̀ ni pé kí n lọ tún ara mi bí ní ìlú òyìnbó.

Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà fúnra wọn ló gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Ọkọ mi tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì oúnjẹ wa ní àárọ̀ Sátidé kan. Òpó mẹ́rin ni wọ́n fi ìlà pín ojú ìwé náà sí: bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣàn tó sì so kọ́ra, bí èèyàn ṣe mọ ọ̀rọ̀ lò tó, gírámà, àti bí èèyàn ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Máàkì lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbólóhùn díẹ̀díẹ̀ sì wà ní iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo gbé ojú lé òpó àkọ́kọ́ wéré wéré, mo sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí n tó mí. Ní ìsàlẹ̀, ní iwájú márùn-ún, mo rí i tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ nípa sísọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Mo ní, "Ẹ wò ó, ẹ wò ó. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá ń falẹ̀, márùn-ún ni."

"Ka gbogbo gbólóhùn náà fún mi. Má ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo."

Mo kà á. Ohun tó sọ ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n pé àtúnsọ, àtúnṣe, tàbí fífalẹ̀ ló fi ń gbé ara rẹ̀ ró kó má baà dúró.

Ọkọ mi ní, "Ṣé o rí i? Ẹni tí kò rí ọ̀rọ̀, tó wá ń fà á kó má baà dákẹ́, ni wọ́n ń sọ. Ṣé bí ìwọ ṣe ń ṣe nìyẹn?"

Mo rò ó. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ bí ara mi, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni mo ń ṣe. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi, mo kàn ń yàn nínú rẹ̀ ni. A wá gòkè lọ. Ní iwájú mẹ́fà, wọ́n ní ẹni náà fẹ́ sọ̀rọ̀ gígùn, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn okùn ọ̀rọ̀ ń já mọ́ ọn lọ́wọ́ nítorí àtúnsọ, àtúnṣe àti ìdádúró. Ní iwájú méje, wọ́n ní ó ń sọ̀rọ̀ gígùn láìsí làálàá tó hàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì dàrú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè dúró wá ọ̀rọ̀ nígbà mìíràn, kó tún ọ̀rọ̀ sọ, tàbí kó tún ara rẹ̀ ṣe.

Mo ní, "Ẹni tó gba méje náà ń dúró?"

"Ó wà níbẹ̀. Ka mẹ́jọ."

Níwájú mẹ́jọ, wọ́n kọ ọ́ pé bí ẹni náà bá dúró, ohun tó fẹ́ sọ ló sábà máa ń rò, ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ló ń wá.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti fi gbogbo ìgbà tí mo lọ lẹ́sìnnì ń lé ìdákẹ́jẹ́ kúrò lẹ́nu mi, àṣé oríṣi ìdákẹ́jẹ́ méjì ló wà, wọ́n sì mọ ìyàtọ̀ wọn. Kò sí ibi kankan nínú òpó yẹn, láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí wọ́n ti ní kí èèyàn sáré. Ẹ̀rín pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, ọkọ mi sì ń wò mí bí ẹni tí kò mọ bóyá kí òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ara ti fúyẹ́ fún mi bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Òpó kejì kò pa mí lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó gba méje mọ bí a ti ń yí ọ̀rọ̀ lò fún oríṣiríṣi àkòrí. Ó ń lo àwọn ọ̀rọ̀ kan tí kò wọ́pọ̀, ó sì mọ ọ̀rọ̀ tí í bá ọ̀rọ̀ rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ṣi ọ̀kan tàbí méjì lò. Bí kò bá rí ọ̀rọ̀ kan, ó mọ bí a ti ń gba ọ̀nà mìíràn sọ ọ́ tí yóò fi yéni. Ọkọ mi wá tan ohùn mi tó gbà sílẹ̀ sórí fóònù rẹ̀ nígbà tí mo ń gbìyànjú nílé. Mo gbọ́ ara mi tí mo ń sọ pé "plethora" egbò, ìyẹn ọ̀pọ̀ yanturu, ló wà lẹ́sẹ̀ aláìsàn kan.

Ọkọ mi bèèrè pé, "Tó o bá fẹ́ sọ fún nọ́ọ̀sì tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ṣé bẹ́ẹ̀ lo máa sọ ọ́?"

"Rárá. Màá ní egbò pọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, pé èyí tó wà ní gìgísẹ̀ ti ń san, pé èyí tó wà lókè ṣì ń ṣomi."

"Gẹ̀ẹ́sì tó o fi ń sọ ìyẹn níbi iṣẹ́ ńkọ́?"

Mo sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì gidi ni, ọ̀rọ̀ tó tọ́ sí ibi tó yẹ, púpọ̀ nínú wọn ni ará ìta kì í sì í lò. Mo ti ní ohun tí wọ́n ń béèrè lẹ́nu mi, mo wá fi í sílẹ̀ nílé, mo lọ yá aṣọ tí kò bá mi mu.

Òpó gírámà ni a kò pẹ́ lórí rẹ̀. Òpó tó kẹ́yìn ni mo bẹ̀rù jù. Mo ń wá ibi tí wọ́n ti ní kí n sọ̀rọ̀ bí òyìnbó, n kò rí i. Ní iwájú mẹ́jọ, wọ́n ní ẹni náà rọrùn láti gbọ́ yé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé ohùn èdè àbínibí rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí ìgbọ́yé lọ́wọ́. Ìyẹn ni pé ohùn èdè àbínibí náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó gba mẹ́jọ ṣì lè jẹ́ ọmọ Iléṣà.

Ṣùgbọ́n wọn kò ní kí èèyàn máa pe ọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú o. Ní iwájú mẹ́fà, wọ́n ní a sábà máa ń gbọ́ ẹni náà yé, àmọ́ pé ìró tó ṣì pè ń mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn nígbà mìíràn. Ìyẹn mú mi rántí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní kíníìkì. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n aláìsàn kan ní Gẹ̀ẹ́sì pé àbúrò rẹ̀ máa kúrò lọ́dọ̀ wa lọ́la. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń pariwo pé, "E go live! Thank you, Jesus!" Àbúrò rẹ̀ kò tilẹ̀ sún mọ́ ikú, ẹsẹ̀ lásán ló fi rọ́. Ìró "leave", tó túmọ̀ sí kí èèyàn kúrò, àti "live", tó túmọ̀ sí kó wà láàyè, ọ̀kan náà ni wọ́n lẹ́nu mi. Mo ti sọ ìtàn yẹn fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti fi ṣe ẹ̀rín. Ọjọ́ Sátidé yẹn ni mo tó mọ̀ pé iṣẹ́ ló wà níbẹ̀ fún mi.

Inú ọkọ̀ la ti ń ṣe é láti ìgbà náà. Bí sún-kẹẹrẹ bá ti mú wa, ọkọ mi á bi mí ní ìbéèrè kan, èmi á dáhùn, fóònù á sì máa gbà á. Tí mo bá ti tún tan ohùn náà, òpó kan ṣoṣo la ó yẹ̀ wò. Lónìí, ṣé okùn ọ̀rọ̀ já? Lọ́la, ṣé mo fi ohùn tẹ ibi tó yẹ nínú ọ̀rọ̀, àbí ohùn mi kàn ń lọ gbọọrọ? Ìyẹn ni mo rí pé ó ṣe pàtàkì jù, ju kí èèyàn máa fi imú sọ̀rọ̀ lọ: kí èèyàn pín gbólóhùn sí ibi tó yẹ kó mí, kó sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ gòkè níbi tí ìtumọ̀ wà. A sì jà lẹ́ẹ̀kan. Ó ní mẹ́fà ni òun máa fún mi lọ́jọ́ kan, mo ní ta ló sọ ọ́ di olùdánwò, pé àwọn tó ń fúnni ní máàkì ti gba ẹ̀kọ́ rẹ̀, pé kó lọ máa wo páìpù rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ó bẹ̀ mí, ó ní òtítọ́ ni, pé òun kò lè mọ máàkì, ohun tí òun lè ṣe ni kí òun sọ ohun tí òun gbọ́. Láti ìgbà náà kò fún mi ní máàkì mọ́.

Ìgbà kejì tí mo jókòó fún ìdánwò náà, ọkùnrin kan tó ti hu ewú ló dán mi wò. Káàdì rẹ̀ ní kí n sọ ohun kan tí àgbàlagbà kan kọ́ mi. N kò há nǹkan kan sórí. Mo rántí ìyá ìyá mi, àti bó ṣe kọ́ mi láti tọ́jú àtùpà kí gíláàsì rẹ̀ má baà dúdú. Mo bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo sọ bí yàrá rẹ̀ ṣe ń rùn fún kẹrosíìnì, bó ṣe máa ń fi ìwé ìròyìn àtijọ́ nu gíláàsì. Mo wá fẹ́ sọ bó ṣe ń gé orí òwú àtùpà kó lè tẹ́jú, orúkọ òwú náà ní Gẹ̀ẹ́sì sì sọnù lọ́kàn mi pátápátá.

Nígbà àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni ǹ bá parí sí. Lọ́jọ́ yẹn, ọkàn mi kò tiẹ̀ sáré. Mo ní, aṣọ tínrín kan wà láàárín àtùpà náà, tó ń mu kẹrosíìnì láti ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ ló sì ń jó. Mo ní sísọ́ọ̀sì kékeré ni ìyá àgbà fi ń gé e, àti pé tó bá wọ́, iná náà á wọ́. Olùdánwò mi orí. Mo ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ títí ó fi dá mi dúró, èyí náà kò sì já mi láyà, nítorí mo mọ̀ pé àsìkò ló pé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó bi mí bóyá àwọn àgbà ṣì ní ohun kan láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nígbà tí gbogbo nǹkan ti wà lórí fóònù. Ìbéèrè náà wù mí. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Yàrá náà pa rọ́rọ́, mo gbọ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kùn, olùdánwò náà sì dúró dè mí. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀, mo ní fóònù lè fi bí a ti ń ṣe nǹkan hàn mí, ṣùgbọ́n kò lè rí ibi tí ọwọ́ mi ti ṣì í. Ní àárín ọ̀nà mo rí i pé n kò fi gbogbo ara gba ohun tí mo sọ, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀, mo tún un ṣe. Ohùn ara mi ni mo fi sọ gbogbo rẹ̀, ohùn tí mo fi ń sọ fún aláìsàn pé abẹ́rẹ́ náà kò ní dùn ún jù.

Mo wà lórí dídi egbò nígbà tí èsì dé. Fóònù gbọ̀n nínú àpò mi, mo ní n kò ní wò ó títí màá fi ṣe tán. Mo di egbò náà, mo fọ ọwọ́, mo wọ yàrá tí a ń kó oògùn sí, mo sì ti ilẹ̀kùn. Sísọ: méje àbọ̀.

Mo jókòó sórí páálí oògùn kan. Mo pe ọkọ mi. Ariwo ẹ̀rọ pọ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀.

Ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Ó ti jáde."

"Ṣé ó pé?"

"Ó pé, Dádì. Ó tiẹ̀ lé."

Ó ní kí n dúró, pé òun ń wá ibi tó dákẹ́ lọ. Nígbà tó padà sórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ohun kan ṣoṣo tó sì lè sọ ni, "Ẹ ṣé o, Olúwa. Ẹ ṣé o."

Nígbà tí a ń lọ sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, sún-kẹẹrẹ mú wa bó ṣe máa ń ṣe. Ọkọ mi kò bi mí ní ìbéèrè kankan, kò sì mú fóònù jáde. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ra bọ̀ọ̀lì àti ẹja yíyan, ata rẹ̀ pọ̀, a sì jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀ láti inú ìwé tí wọ́n fi wé e. Mo dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Kò bèèrè ohun tí mo ń rò. Ó na ìyókù ẹja náà sí mi, ó ní kí n mú un, pé òun ti yó.